Bí Òṣìṣẹ́ Ìrajà Ṣe Lè Fi Máàkì Ṣàlàyé Ìdí Tí Ó Fi Yan Ọ̀kan Nínú Olùpèsè Mẹ́ta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń rajà fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ aládàáni káàkiri Abẹ́òkúta, ẹ kú ìkàlẹ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn yìí ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́ ní òwúrọ̀ yìí, ohun tí mo ń rò ni bí ìyá mi ṣe máa ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú. Kì í kọ́kọ́ béèrè iye owó. Yóò fi ọwọ́ pa aṣọ náà, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò fi ìka tútù ra etí rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá aró yóò ṣí, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìdí tí kò fi ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò fi dáhùn, nítorí pé owó ara rẹ̀ ni ó ń ná. Owó ẹlòmíràn ni àwa ń ná ní tiwa, ẹni tí ó sì ni owó náà lè béèrè ìdí lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí a ti gbàgbé ohun tí ọwọ́ wa fi pa.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọ̀nà náà ni pé kí a kọ àwọn kókó tí a fẹ́ wò sílẹ̀, kí a fún kókó kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo tirẹ̀ tí àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ 100, kí a fún olùpèsè kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí kókó kọ̀ọ̀kan, kí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é. Ibi tí ó le sí ni ohun tí a ṣe kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀dítọ̀ máa ń kọ́kọ́ wò.

Ó yẹ kí n kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n wá láti ẹ̀ka ìjọba kí n tó lọ jìnnà. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 là á sílẹ̀ pé nígbà tí a bá ń ra ọjà, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ láàárín àwọn tí wọ́n kúnjú ohun tí a béèrè ni yóò gba iṣẹ́ náà, àti pé a kò gbọ́dọ̀ lo òṣùwọ̀n kankan tí kò sí nínú ìwé tí a fi pe àwọn olùdíje. Nítorí náà, kí ẹni tí òfin náà bá dè má ṣe gbé ọ̀nà yìí lọ sí ọ́fíìsì bí ó ṣe wà. Ilé-iṣẹ́ aládàáni, tí ó lómìnira láti pinnu ohun tí ó kà sí pàtàkì, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ti to àpẹẹrẹ kan jọ fún wa. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ìlú wa yìí fẹ́ ra tábìlì àti àga 200 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tábìlì kan àti àga kan fún ọmọ kan, irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, pákó ni ojú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó kù kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n mú ìwé iye owó wá: ọ̀kan ní Láfẹ́ńwá níbí, ọ̀kan láti Ìbàdàn, ọ̀kan láti Èkó. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ni n ó máa fi pè wọ́n.

Kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì, ẹnu ọ̀nà wà tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ṣé a ti forúkọ ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin? Ṣé ìwé ẹ̀rí owó-orí wọn pé? Ṣé wọ́n gbé àga kan àti tábìlì kan wá fún àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí a ṣe béèrè? Ṣé wọ́n lè kó ọjà náà dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kò sí máàkì níbẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé a máa ń fún ìforúkọsílẹ̀ ní máàkì 10, a ó wá rí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá tí ó borí nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ohun tí a kò lè gbójú fò, ẹnu ọ̀nà ni kí a fi sí. Kí a sì lé ẹni tí kò gba ẹnu ọ̀nà kọjá jáde pátápátá kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdí tí ẹ ó rí láìpẹ́.

Kókó mẹ́rin ni ilé ẹ̀kọ́ yìí yàn. Owó gba 40, bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó gba 30, àkókò tí ọjà yóò dé gba 20, àtúnṣe lẹ́yìn títà gba 10. Wọn ì bá lè kọ kókó mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kókó tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 3 tàbí 4 kì í sábà yí ohunkóhun padà, iṣẹ́ ni ó kàn ń fi kún iṣẹ́. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wọn fẹ́ kí wọ́n fi jíjìnnà ṣọ́ọ̀bù kún un. Wọn kò gbà fún un, mo sì rò pé wọ́n ṣe é dáadáa, torí pé jíjìnnà ti wà nínú àkókò tí ọjà yóò dé, ó sì tún wà nínú àtúnṣe. Bí wọ́n bá tún fún un ní máàkì tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọn yóò ti san èrè fún ará Láfẹ́ńwá lórí ohun kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀ ni ọjọ́ tí a kọ àwọn ìwúwo wọ̀nyí. Ó ti pẹ́, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé-iṣẹ́ kan, èmi àti ọ̀gá mi ṣí àwọn àpò ìwé iye owó, a wò wọ́n, lẹ́yìn náà ni a wá jókòó láti pín ìwúwo. Kò sí èrò ibi lọ́kàn wa. Nígbà tí ọ̀dítọ̀ dé, kò wo ìṣirò wa rárá. Ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé ìwúwo ni ó wò, ó sì wo ọjọ́ tí a ṣí àpò, ó wá fi pẹ́ńsùlù rẹ̀ tọ́ka sí méjèèjì láìsọ̀rọ̀. Ìwúwo tí a pín lẹ́yìn tí a ti mọ iye owó kò lè dá ẹnikẹ́ni láre, nítorí pé a lè fi ìwúwo gbé ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́ sókè. N ó fi hàn yín láìpẹ́. Nítorí náà, kí ìwé ìwúwo ní ọjọ́ lórí, kí gbogbo ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, kí ó sì ti wà nínú fáìlì kí a tó ṣí àpò kankan. Ó sàn jù bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé tí a fi pe àwọn olùdíje gan-an.

Bákan náà ni pẹ̀lú ìtumọ̀ máàkì. Láti 0 dé 5 ni a ń fún èèyàn, ṣùgbọ́n kí ni 4 túmọ̀ sí? Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, 4 tèmi lè jẹ́ 2 tìrẹ. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kọ ọ́ báyìí fún àkókò: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 5, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ 4, ọ̀sẹ̀ márùn-ún jẹ́ 3, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ 1. Fún àtúnṣe, ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa wá ṣe àtúnṣe nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ fún oṣù 24 yóò gba 5. Oṣù 12 nínú ọgbà, tàbí oṣù 24 tí a ó máa ru àga lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, jẹ́ 4. Oṣù mẹ́fà nínú ọgbà jẹ́ 3. Fún bí iṣẹ́ ṣe dára tó, nǹkan mẹ́ta tí ojú àti irin-iṣẹ́ lè wò ni wọ́n kọ: bí ara irin ṣe nípọn tó, bí wọ́n ṣe jó oríkèé rẹ̀ pọ̀, àti bí wọ́n ṣe parí etí pákó. Ìnípọn irin tí ó kéré jù tí wọ́n lè gbà ni mìlímítà 1.2, ẹni tí ó bá lo 1.5 yóò sì gba máàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n yẹ àpẹẹrẹ àga wò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì kọ máàkì wọn kí wọ́n tó fi han ara wọn: olùkọ́ àgbà, akọ̀wé owó, àti bàbá tí ó máa ń tún nǹkan ṣe nínú ọgbà. Olùkọ́ àgbà fún àga Láfẹ́ńwá ní 4, àwọn méjì yòókù fún un ní 2. Wọn kò sáré ro máàkì náà pọ̀ kí wọ́n fi mẹ́ta pín in. Wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí oníkálukú rí. Ọ̀dà tí ó ń dán ni olùkọ́ àgbà rí. Bàbá yẹn ti dojú àga dé, ó sì ti rí i pé ojú méjì péré nínú mẹ́rin ni wẹ́dà jó ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ oríkèé ni àga ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń kọ́kọ́ ya nígbà tí ọmọ bá ń gbé àga dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì. Olùkọ́ àgbà yí máàkì rẹ̀ sí 2, ó sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pa máàkì àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ fa ìlà kan lé e kí ó ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù.

Ní ìparí, Láfẹ́ńwá gba 2: irin 1.2, oríkèé tí wọ́n jó lójú méjì, etí pákó tí kò dán. Ìbàdàn gba 4: irin 1.5, oríkèé tí wọ́n jó yíká, ṣùgbọ́n etí pákó rẹ̀ ṣì ń gún ọwọ́ níbì kan. Èkó gba 5, ó tilẹ̀ fi rọ́bà sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún àkókò, Láfẹ́ńwá gba 5, Ìbàdàn gba 4, Èkó gba 3; fún àtúnṣe, Láfẹ́ńwá gba 3, àwọn méjì yòókù gba 4.

Ó wá ku owó. Láfẹ́ńwá kọ ₦9,000,000, Èkó kọ ₦12,000,000, Ìbàdàn kọ ₦9,600,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé owó ka ìwé Ìbàdàn dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ti àwọn méjì yòókù. Ó kọ ìwé sí wọn, wọ́n sì fi ìwé dáhùn pé ₦400,000 ni owó ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ₦10,000,000 ni a ó fi ṣe ìṣirò. Lórí fóònù kọ́ ni a ti ń béèrè irú èyí, torí pé fóònù kì í wọ fáìlì. Kí a béèrè bẹ́ẹ̀ náà bóyá owó-orí ọjà wà nínú iye tí oníkálukú kọ.

Bí a ṣe ń sọ owó di máàkì ni pé a ó mú owó tí ó kéré jù, a ó fi owó olùpèsè náà pín in, a ó sì fi ìwúwo sọ ọ́ di púpọ̀. Láfẹ́ńwá gba 40 pé. Ìbàdàn gba 9 tí a fi 10 pín, lọ́nà 40, èyí tí í ṣe 36. Èkó gba 9 tí a fi 12 pín, lọ́nà 40, èyí tí í ṣe 30. Bí owó wọn bá wà ní B2 dé B4 lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí a ó tẹ̀ nìyí:

```
=40*MIN($B$2:$B$4)/B2
```

Fún àwọn kókó yòókù, a ó fi 5 pín máàkì tí wọ́n gbà, a ó sì fi ìwúwo sọ ọ́ di púpọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe jáde nìyí:

| Kókó | Ìwúwo | Láfẹ́ńwá | Ìbàdàn | Èkó |
|---|---|---|---|---|
| Owó | 40 | 40 | 36 | 30 |
| Dídára iṣẹ́ | 30 | 12 | 24 | 30 |
| Àkókò | 20 | 20 | 16 | 12 |
| Àtúnṣe | 10 | 6 | 8 | 8 |
| Àpapọ̀ | 100 | 78 | 84 | 80 |

Ìbàdàn ni ó borí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ti pa fáìlì dé níbí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dúró níwájú ọ̀dítọ̀ kò tíì ṣe tán. Ìbéèrè tí ó ń bọ̀ ni pé: bí ìwúwo yín bá yàtọ̀ díẹ̀, ṣé ẹni kan náà ni yóò borí?

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Bí a bá gbé owó sókè sí 50, tí a sì dín dídára iṣẹ́ kù sí 20, Láfẹ́ńwá yóò ní 84, Ìbàdàn 85, Èkó 77.5. Bí a bá yí i padà, tí owó di 30, tí dídára iṣẹ́ sì di 40, Láfẹ́ńwá yóò ní 72, Ìbàdàn 83, Èkó 82.5. Ìbàdàn ṣì ni nígbà méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì máàkì péré ni ó fi ju Èkó lọ nígbà kejì. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ owó dé 60, tí a fi 10 sílẹ̀ fún dídára iṣẹ́, Láfẹ́ńwá ni yóò borí pẹ̀lú 90 sí 86. Bí owó bá sì jẹ́ 20, tí dídára iṣẹ́ jẹ́ 50, Èkó ni yóò gbà á pẹ̀lú 85 sí 82. Ẹ ti rí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé ìwúwo: olùpèsè mẹ́ta, àga mẹ́ta kan náà, ẹni tí a bá sì fẹ́ ni a lè mú. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ yìí lè fi òtítọ́ kọ sílẹ̀ ni pé ìpinnu wọn dúró bí a bá ti ìwúwo owó àti ti dídára iṣẹ́ síwá tàbí sẹ́yìn ní 10, àti pé kò dúró mọ́ bí a bá tì í dé 20. Kí wọ́n kọ apá méjèèjì.

Ìbéèrè kejì, tí ó fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni ọ̀nà tí a gbà sọ owó di máàkì. Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn kan ń lò: wọ́n á fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ní 40, wọ́n á fún ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ní òdo, wọ́n á sì gbé ẹni àárín sí ibi tí owó rẹ̀ bá bọ́ sí láàárín méjèèjì. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe. Ìbàdàn yóò gba 26.7 lórí owó, àpapọ̀ rẹ̀ yóò di 74.7, Láfẹ́ńwá yóò sì fi 78 borí. Kò tán síbẹ̀. Ká ní ará Èkó kọ ₦15,000,000 dípò ₦12,000,000, máàkì owó Ìbàdàn yóò fò sókè sí 33.3, àpapọ̀ rẹ̀ yóò di 81.3, òun ni yóò sì tún borí Láfẹ́ńwá. Ìbàdàn kò yí nǹkan kan padà, Láfẹ́ńwá kò yí nǹkan kan padà, ẹni kẹta tí kò lè borí rárá ni ó pinnu láàárín wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́n lè mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí ó wá kọ owó gọbọi láti fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ náà ní àbùkù tirẹ̀. Orí owó tí ó kéré jù ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí ẹnì kan tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan bá kọ ₦5,000,000, tí a kò sì lé e jáde ní ẹnu ọ̀nà, máàkì owó Láfẹ́ńwá yóò já sí 22.2, ti Ìbàdàn yóò já sí 20; máàkì mẹ́rin tí ó wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀ yóò di nǹkan bíi méjì, bẹ́ẹ̀ ni owó wọn kò tíì yí padà. Ìdí tí mo fi ní kí a parí iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì tí ẹ bá fẹ́ lò, kí orúkọ rẹ̀ àti bí a ṣe ń ṣe é wà lórí ìwé ìwúwo, ní ọjọ́ kan náà.

Ó ku ìwé tí òṣìṣẹ́ ìrajà yóò kọ sí ọ̀gá rẹ̀, ojú ìwé kan sì tó. Gbólóhùn tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kì í ṣe pé Ìbàdàn ní 84. Ohun tí ẹni tí ó ni owó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí owó àfikún rà. Mo lè kọ ọ́ báyìí: “A dábàá olùpèsè ti Ìbàdàn. Owó rẹ̀ fi ₦1,000,000 ju èyí tí ó kéré jù lọ, èyí tí í ṣe ₦5,000 lórí tábìlì àti àga kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a rí gbà fún ₦5,000 náà ni irin tí ó nípọn ní mìlímítà 1.5 dípò 1.2, oríkèé tí a jó yíká, àti àtúnṣe oṣù 12 nínú ọgbà dípò oṣù mẹ́fà. Ohun tí a pàdánù ni ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ọjà yóò ṣì dé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé.” Bí ọ̀gá bá ka èyí tán tí ó ní ₦5,000 ti pọ̀ jù fún oríkèé, ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà yóò kọ ìdí rẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i, fáìlì yóò sì fi ẹni tí ó pinnu hàn. Ẹni tí ó bá ní ìbátan tàbí òwò pọ̀ pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn olùpèsè gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ti yọ ara rẹ̀ kúrò kí a tó pín máàkì.

Ẹnì kan bi mí léèrè kí a tó wọlé pé kí ni kí òun sọ fún ará Láfẹ́ńwá bí ó bá wá sí ọ́fíìsì, nítorí pé ará àdúgbò ni, wọn yóò sì jọ máa pàdé lọ́jà. Ẹ fi máàkì tirẹ̀ nìkan hàn án pẹ̀lú ìdí tí a kọ síwájú rẹ̀, ẹ má ṣe fi owó tàbí máàkì ẹlòmíràn hàn án. Ẹ gbé àpẹẹrẹ àga rẹ̀ síta, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ojú méjì tí wẹ́dà rẹ̀ kò jó. Lẹ́yìn náà kí ẹ dá àga náà padà fún un, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á.